Orí Karùn-ún: Ìtàn Tí Ó Di Jíjẹ, tàbí Ohun Tí Ń Fọ́ Lẹ́tà Úrúdù Lójú Ẹ̀rọ

Ní Alafiarou, tí ó wà lábẹ́ Tchaourou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwa ọmọ Nàgó àti àwọn Bàrìbá àti àwọn Fúlàní ti jọ ń pín ọjà kan náà àti ojúmọ́ kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe èèpo ìwé àti pátákó fún àwọn ilé-kéwú gbé iṣẹ́ kan wá síwájú mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àfáà kan tí ó ti kàwé ní Pakisítáànì ni ó gbé iṣẹ́ náà fún un: ìwé ìtàn kékeré fún àwọn ọmọdé, tí Yorùbá yóò wà ní ojú ewé kan, tí Úrúdù yóò sì wà ní ojú ewé kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì hàn gàdàgbà lórí èèpo rẹ̀, èyíinì ni کہانی, tí à ń pè ní "kahaani", tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ṣe é, àwọ̀ èèpo náà ń dán bí ojú omi, ṣùgbọ́n bí àfáà ti fojú kàn án ni ó mi orí, ó ní ohun tí òun kà níbẹ̀ kì í ṣe "kahaani" bí kò ṣe "khaani", ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè náà ń lò bí wọ́n bá ń sọ pé ohun kan di jíjẹ. Ìtàn ti di oúnjẹ. Ilé ìtẹ̀wé tí ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí èèpo dáhùn pé fọ́ọ̀ntì ni ó bàjẹ́, kí wọ́n lọ wá òmíràn.

Fọ́ọ̀ntì náà kò bàjẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni orí yìí yóò tú palẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ kan yìí fi yí padà yóò lóye ìdí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Úrúdù fi ń fọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà.

Bí Úrúdù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Èdè àwọn ará Íńdíà àti Pakisítáànì ni Úrúdù, kò sì sí ẹni tí ń fi í ná ọjà ní Alafiarou. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn a máa gbé èdè rìn bí odò ti ń gbé ewé. Ní ọdún 1916 ni àwọn Mùsùlùmí kan ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dara pọ̀ mọ́ ìjọ Àmádíyà, ní 1921 sì ni Abdur Rahim Nayyar, oníwàásù ìjọ náà, gúnlẹ̀ sí Èkó; Úrúdù sì ni olùdásílẹ̀ wọn fi kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀. Àwọn oníwàásù Tàbílíìgì náà, tí ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Íńdíà láàárín 1920 sí 1930, gbé ìwé tiwọn dé, Úrúdù sì ni a kọ́kọ́ fi kọ ìwé náà. Nítorí náà, bí ọmọ Nàgó kan bá ti ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ dé, tí ìwé Úrúdù sì wà nínú àpò rẹ̀, kò yẹ kí ẹnu yà wá.

Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé lẹ́tà inú ìwé náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá lẹ́tà Lárúbáwá tí a kọ́ lórí wàláà, kì í rìn bí tiwa ti ń rìn.

Àga gígùn àti àtẹ̀gùn

Ọwọ́ ìkọ̀wé tí à ń pè ní Nasíkì ni ojú wa mọ̀ jù. Òun ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Kùránì tí a ń tẹ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá, òun náà ni ó wà nínú ìwé ìròyìn wọn àti lójú fóònù wa bí a bá tẹ Lárúbáwá sí i. Ibn Muqla, wàsíírì Bàgídáàdì tí ó kú ní ọdún 940, ni ìtàn ń dárúkọ bí ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n sí ìrísí lẹ́tà, tí ó fi ẹ̀kán tàdáwà, èyíinì ni àmì tí kálàmù ń fi sílẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ka iye tí álífù gbọ́dọ̀ ga dé. Nínú Nasíkì, gbogbo lẹ́tà ni ó jókòó sórí ìlà kan, bí àwọn ìjòyè tí wọ́n jókòó sórí àga gígùn níwájú ààfin, tí wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú nísàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ gùn, bí ó kúrú, ìdí ẹnì kan kò ga ju ti ẹnì kejì lọ. Lẹ́tà kan kò sì ju ìrísí mẹ́rin lọ: bí ó bá dá dúró, bí ó bá ṣáájú, bí ó bá wà láàárín, àti bí ó bá kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ní àwòrán mẹ́rin wọ̀nyí fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè to Nasíkì pọ̀ bí ẹni tí ń to bíríkì.

Nasitalíìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Páṣíà ni a bí i, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, láti inú Nasíkì àti ọwọ́ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Taalíìkì, a sì so orúkọ àwọn òbí méjèèjì pọ̀ fún ọmọ. Mir Ali Tabrizi ni àwọn onímọ̀ ìkọ̀wé àtijọ́ sábà máa ń fi iyì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún. Níhìn-ín lẹ́tà kì í jókòó sórí àga. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, láti òkè lápá ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀ lápá òsì, bí ọmọbìnrin tí ó ru omi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wo orúkọ ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, نستعلیق, tí ó ní lẹ́tà méje tí wọ́n so mọ́ra láìjá. Bí a bá kọ ọ́ ní Nasíkì, ìlà kan ni gbogbo wọn wà. Bí a bá kọ ọ́ ní Nasitalíìkì, ق tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó fẹsẹ̀ tẹ ìlà, ی tí ó ṣáájú rẹ̀ ga díẹ̀, ل ga ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ń gòkè títí a ó fi dé ن tí ó ṣáájú gbogbo wọn, tí ó wà lókè téńté.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti ń ru jáde. Bí lẹ́tà tí ó kẹ́yìn ni ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tí ń kọ̀wé kò lè mọ ibi tí yóò gbé kálàmù lé fún lẹ́tà àkọ́kọ́, àfi bí ó bá ti mọ iye lẹ́tà tí ń bọ̀ lẹ́yìn àti irú èyí tí wọ́n jẹ́. Ibi tí à ń lọ ni à ń wò. Kálàmù Nasitalíìkì kò gbọdọ̀ gbàgbé òwe yìí fún ìṣẹ́jú kan. Kì í sì í ṣe gíga nìkan ni ó ń yí padà. Lẹ́tà ب tí ó ṣáájú ر ní ìrísí tirẹ̀, èyí tí ó ṣáájú ج ní tirẹ̀, èyí tí ó ṣáájú م ní òmíràn, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè ní ìrísí ju ogún lọ, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kan ṣoṣo ti ń jẹ́ ọmọ níwájú bàbá rẹ̀, tí ó ń jẹ́ bàbá níwájú ọmọ rẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ àna níbòmíràn. Àwòrán mẹ́rin kò tó o. Ẹni tí ó bá fẹ́ to Nasitalíìkì bí bíríkì, omi ni ó ń fi agbọ̀n pọn.

A lè bèèrè pé kí ló dé tí àwọn elédè Úrúdù kò fi gba Nasíkì kí wọ́n sì sinmi. Wọ́n lè kà á. Ọ̀pọ̀ ìwé Úrúdù ni a sì ti tẹ̀ ní Nasíkì. Ṣùgbọ́n ojú tí ó dàgbà lórí Nasitalíìkì kì í ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́: ìrísí ọ̀rọ̀ lódindi ni ó ń mọ̀, gíga rẹ̀ àti ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí a ti ń mọ ará ilé ẹni láti òkèèrè nípa ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá fún wọn ní Nasíkì fún ìwé ìtàn àti ewì ti ṣe wọ́n bí ẹni tí ó tẹ Yorùbá fún wa láìfi àmì ohùn sí i: a ó kà á, ṣùgbọ́n a ó máa fi ọwọ́ pa iwájú bí a ti ń kà á.

Bí a ti ń fi ẹ̀rọ lé Nasitalíìkì kiri

Nígbà tí ìwé títẹ̀ fi òjé dé Íńdíà, Nasitalíìkì kọ̀ fún òjé. Òkúta ni ó gbà á sílẹ̀: àwọn akọ̀wé ọlọ́wọ́ dídára ń fi ọwọ́ kọ ojú ewé, a ó sì gbé e lé òkúta tí a fi ń tẹ̀wé, gẹ́gẹ́ bí ilé ìtẹ̀wé Naval Kishore, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́kínáò ní 1858, ti fi tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé. Àwa náà mọ ọ̀nà yìí. Títí di òní ni àwọn ọjà wa ní Ìlọrin àti Kánò ń ta ìwé Lárúbáwá tí a fi ọwọ́ kọ kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìròyìn Úrúdù ojoojúmọ́ pàápàá, ọwọ́ akọ̀wé ni a fi ń kọ ọ́ lálaalẹ́, títí di ìgbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń lọ sí òpin.

Ní 1981 ni ìwé ìròyìn Jang ti Láhọ̀ jáde pẹ̀lú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà tò. Mirza Ahmad Jamil ni ó ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Monotype ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n tí ó sì dá rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: nígbà tí ẹ̀rọ kò lè so lẹ́tà pọ̀ bí ọwọ́ ti ń so ó, ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan bí 20,000 àkànpọ̀ lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lódindi, ẹ̀rọ kàn ń mú èyí tí ó bá yẹ ni. Noori Nastaliq ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí InPage ti Dẹ́lì gbé irú ìlànà yìí wọ inú kọ̀ǹpútà kéékèèké ní 1994, fáìlì fọ́ọ̀ntì ìgbà náà kò gbà ju nọ́ńbà 256 lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pín 20,000 sí 256, yóò rí i pé fáìlì tí a nílò ju 78 lọ fún fọ́ọ̀ntì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ InPage àtijọ́ fi ń di wúruwùru bí a bá da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ètò mìíràn: nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà lẹ́tà, nọ́ńbà àpótí tí a kó àwọn àkànpọ̀ náà sí ni.

Àpótí náà, bí ó ti kún tó, ó ní òpin. Bí a bá fẹ́ kọ orúkọ ọmọ wa, Gbénga, ní Úrúdù, گبینگا ni yóò jáde, lẹ́tà mẹ́fà tí wọ́n di ara wọn mú láìjá, kò sì dájú pé ará Láhọ̀ kankan ti ronú kan irú àkànpọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Bí kò bá sí nínú àpótí, fọ́ọ̀ntì yóò fi lẹ́tà ẹyọ ẹyọ dí i, ojú yóò sì rí àlẹ̀mọ́ náà lára ẹ̀wù. Nítorí náà ni àwọn fọ́ọ̀ntì ìgbà tiwa, bíi Noto Nastaliq Urdu tí ó jáde ní 2014, fi gba ọ̀nà mìíràn. Wọn kò kó odindi ọ̀rọ̀ jọ; lẹ́tà ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ní, ní ìrísí púpọ̀, wọ́n sì fi ìlànà méjì sínú fáìlì kan náà. Ìlànà kìn-ín-ní ń sọ pé bí lẹ́tà báyìí bá wà níwájú lẹ́tà báyìí, kí a mú ìrísí báyìí. Ìlànà kejì fi ibi ìwọlé àti ibi ìjáde sí ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí a so ìjáde ẹni tí ó ṣáájú mọ́ ìwọlé ẹni tí ó tẹ̀ lé e, kí a mú ẹni tí ó kẹ́yìn mọ́lẹ̀ sórí ìlà, kí a sì gbé àwọn yòókù sókè. `curs` ni orúkọ tí a fi ń pe ìlànà kejì yìí nínú fọ́ọ̀ntì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì tún bá a pàdé láìpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé fọ́ọ̀ntì kì í ṣiṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ìlànà ni ó ní. Ètò tí a fi ń ya àwòrán ni yóò ka ìlànà náà tí yóò sì mú un ṣẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: fọ́ọ̀ntì dídára nínú ètò tí kò lè kà á, lẹ́tà fífọ́ ni yóò bí.

A padà sí èèpo ìwé

Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà má fi ọwọ́ kan fọ́ọ̀ntì rárá, kí ó kọ́kọ́ bi ọ̀rọ̀ náà léèrè irú ẹni tí ó jẹ́. A kọ ìlà méjì yìí sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, a sì da ọ̀rọ̀ inú èèpo sí àárín àmì náà:

```python
for h in "كهاني":
    print(hex(ord(h)))
```

Èsì tí ó jáde ni `0x643`, `0x647`, `0x627`, `0x646`, `0x64a`. Ṣùgbọ́n "kahaani" ti Úrúdù, bí ó bá jẹ́ ojúlówó, `0x6a9`, `0x6c1`, `0x627`, `0x646`, `0x6cc` ni ó yẹ kí ó jẹ́. Nínú lẹ́tà márùn-ún, mẹ́ta kì í ṣe ará ilé. Bọ́tìnnì Lárúbáwá ni ilé ìtẹ̀wé fi tẹ ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ti Úrúdù, lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè náà sì rèé, ìbejì ni wọ́n.

Nínú àwọn mẹ́ta náà, èyí tí ó ṣe iṣẹ́ ibi jù ni èkejì. Úrúdù ní lẹ́tà méjì fún ohùn tí Lárúbáwá ń fi ه kan ṣoṣo kọ. Ọ̀kan ni ہ, tí í ṣe "h" tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohùn kan. Bí ó bá bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, a máa tẹ̀ kódò pẹ̀lú ìkọ́ kékeré kan nísàlẹ̀. Èkejì ni ھ, tí ó ní ojú méjì, tí kì í dá dúró, èémí tí a ń fẹ́ tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì tí ó ṣáájú rẹ̀ ni. Pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ a ní کہانی, ìtàn. Pẹ̀lú ti ìkejì a ní کھانی, ohun tí ó di jíjẹ. Lárúbáwá kò ní ìyàtọ̀ yìí láti pa mọ́, nítorí náà ه tirẹ̀, bí ó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ ní ọwọ́ Nasíkì, ojú méjì ni ó máa ń ní. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé ṣe gbé lẹ́tà olójú méjì sí ibi tí oníkọ̀ọ́ yẹ kí ó wà, tí àfáà sì rí oúnjẹ níbi tí ó ń retí ìtàn. Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà tún jẹ́rìí sí i: ي ti Lárúbáwá ní ẹ̀kán méjì nísàlẹ̀, ی ti Úrúdù kò ní ẹ̀kán kankan bí ó bá kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀kán méjì lábẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ Úrúdù, kí ó mọ̀ pé bọ́tìnnì Lárúbáwá ti kọjá níbẹ̀.

A tún un tẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì Úrúdù, a sì yan Noto Nastaliq Urdu. Ibẹ̀ ni ìdààmú kejì ti dé. Àwọn lẹ́tà jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, ک dá wà, ہ dá wà, àlàfo sì wà láàárín wọn bí eyín arúgbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà, bí àṣà àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti fẹ àlàfo àárín lẹ́tà kí àkọlé lè gbòòrò. Ohun tí ó dára fún lẹ́tà Yorùbá àti Faransé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dá gbé, ikú ni fún lẹ́tà tí ìwàláàyè rẹ̀ jẹ́ ìdìmọ́ra. A dá àlàfo náà padà sí òdo. Síbẹ̀, wọn kò sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn: àwọn ìrísí ti yí padà bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà ní ìlà kan, ìpẹ̀kun ọ̀kan kò sì bá ìbẹ̀rẹ̀ èkejì mu. Àmì yìí ṣe pàtàkì. Bí ìrísí bá yí padà tí gíga kò yí, ètò náà ti ka ìlànà kìn-ín-ní, kò ka `curs`. Bí ìrísí pàápàá kò bá yí, tí lẹ́tà sì ń ti òsì lọ sí ọ̀tún, kò ka ìkankan. Nínú Photoshop àtijọ́, fún àpẹẹrẹ, a ní láti wọ inú ètò rẹ̀, kí a yan `World-Ready Layout`, kí ó tó mọ̀ pé àwọn èdè tí ń so lẹ́tà pọ̀ wà láyé. Ètò tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń lò kò tilẹ̀ ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lo ẹ̀rọ ayélujára tí ń yí lẹ́tà padà sí èyí tí a ti gé ìrísí rẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ràn náà ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ fún Nasíkì, nítorí pé Yunikóòdù ní àdúgbò méjì, láti `U+FB50` títí dé `U+FDFF` àti láti `U+FE70` títí dé `U+FEFF`, tí a kó irú àwọn ìrísí mẹ́rin bẹ́ẹ̀ sí, fún ìrọ̀rùn àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Fún Nasitalíìkì, ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá: lẹ́tà tí a ti dè mọ́ ọ̀kan nínú ìrísí mẹ́rin kò lè wo ojú aládùúgbò rẹ̀ mọ́ kí ó fi mọ èyí tí yóò jẹ́ nínú ogún, ọ̀rọ̀ tí a sì ti yí padà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá a lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú lẹ́tà gidi kò ní rí i.

Ohun tí a ṣe ni pé a tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú LibreOffice, tí ó ka ìlànà méjèèjì láìkùnà, a sọ ọ́ di PDF, a sì mú PDF náà wọ inú ètò ìyàwòrán gẹ́gẹ́ bí ìlà àwòrán, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà mọ́. Bí a bá ti ṣe èyí tán, kò sí ètò tí ó tún lè tú u ká. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè ṣàtúnṣe àṣìkọ inú rẹ̀. Kí a jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà kà á kí a tó yí i padà, kí a sì fi fáìlì tí ó ní lẹ́tà gidi pamọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí Ọmọ́yẹ bá ti rìnhòòhò wọjà tán ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá aṣọ.

Ìdààmú kẹta kéré, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa dé ibi ìtẹ̀wé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí aláwọ̀ tí ó wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà Faransé. Nasitalíìkì kì í gba ibú púpọ̀, òkè ni ó ń jẹ: ک wà ní orí àtẹ̀gùn, ìlà gbọọrọ tí ó dà gẹ̀rẹ̀ sí orí rẹ̀ sì tún ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà etí àpótí gé e. Bí a bá gé orí ک kúrò, ohun tí ó kù fi ara jọ ل gidigidi, ọ̀rọ̀ tí a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sílẹ̀ lẹ́nu jíjẹ ìbá tún sọ ara rẹ̀ di ohun mìíràn. A gbé àpótí náà ga. Fún ọ̀rọ̀ tí yóò wà lójú ewé ayélujára, ìlànà tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí, kí wọ́n sì kọ `lang="ur"` sí ara ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé kì í ṣe Lárúbáwá:

```css
.urdu {
  font-family: "Noto Nastaliq Urdu", serif;
  direction: rtl;
  line-height: 2.2;
  letter-spacing: 0;
}
```

Nọ́ńbà 2.2 yìí kì í ṣe òfin Mídíà òun Páṣíà. Ọ̀rọ̀ kúkúrú lè fara mọ́ 2. Ojú ewé tí ó kún fún ọ̀rọ̀ gígùn lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a wo ibi tí ẹsẹ̀ ìlà òkè bá ti ń tẹ orí ìlà ìsàlẹ̀, kí a sì fi kún un títí wọn yóò fi yàgò fún ara wọn.

Ẹyọ lẹ́tà kan láti ilé mìíràn

Ó ku irú ìfọ́ kan tí kò ṣẹlẹ̀ lórí èèpo yìí, ṣùgbọ́n tí àwa ará ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Nínú àkọtọ́ tí a fi ń kọ èdè wa níhìn-ín, ɛ àti ɔ ni a ń lò níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ń lo ẹ àti ọ. Bí fọ́ọ̀ntì kan kò bá ní ɛ, ẹ̀rọ a yá a lọ́dọ̀ fọ́ọ̀ntì mìíràn, lẹ́tà náà a sì sanra tàbí kí ó rù láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú a rí i, ṣùgbọ́n a ṣì lè kà á, nítorí pé lẹ́tà wa ń dá gbé. Fọ́ọ̀ntì tí a ṣe fún Lárúbáwá nìkan kì í sábà ní ٹ, ڈ, ڑ àti ے, tí Úrúdù kò lè ṣe aláìní. Bí ٹ bá ti ilé mìíràn wá nínú ٹھیک, ibi ìjáde rẹ̀ kò sí lára fọ́ọ̀ntì tí ó ni ھ. Kò sí ohun tí yóò so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì já sí méjì ní gbòǹgbò. Àmì tí a fi ń mọ èyí yàtọ̀ sí ti àwọn ìyókù: ibì kan ṣoṣo ni ó ti já, ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kan náà, nígbà gbogbo tí lẹ́tà náà bá jẹ yọ, lẹ́tà náà sì nípọn tàbí tín-ín-rín ju àwọn yòókù lọ. Níhìn-ín nìkan ni ilé ìtẹ̀wé ìbá ti jàre tí ó bá ní fọ́ọ̀ntì ni kí a yí padà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ٹھیک, نستعلیق àti گبینگا sínú ètò ìyàwòrán tí ó ń lò, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀ntì Nasíkì kan, lẹ́yìn náà pẹ̀lú Noto Nastaliq Urdu. Kí ó fi rúlà fa ìlà sí abẹ́ ق nínú ọ̀rọ̀ kejì, kí ó sì wọn bí ن ṣe ga sí ìlà náà nínú ọwọ́ méjèèjì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá bára wọn dọ́gba, kí ó kọ irú ìlànà tí ètò rẹ̀ kò kà sílẹ̀, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà lọ sínú LibreOffice, kí ó tún wọ̀n ọ́n.